Ìwé ojú kan tí ọ̀gá ẹ máa gbé lọ bá àwọn tó ń pín owó

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ́ńpìnnì tó ń pín ọjà fún àwọn sùpámákẹ́ẹ̀tì ni mo wà n'Ìkẹjà, èmi ni mò ń tọ àwọn kọ́sítọ́mà tó jẹ gbèsè lẹ́yìn. Ó ti pé ọdún mẹ́ta, ₦350,000 ni wọ́n ń san fún mi lóṣù. Ẹnì kejì mi jápa lọ Kánádà ní Máàṣì, gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ bọ́ sí mi lọ́rùn, wọn ò fi kọ́bọ̀ kún un. Lọ́dún tó kọjá mo bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ àfikún owó nígbà àpíréésà, bí mo ṣe dárúkọ rẹ́ǹtì báyìí ni ẹkún gbà mí, wọ́n ní kí n máa lọ, àwọn ti gbọ́. Dìsẹ́ńbà la tún máa ṣe é. Kí ni kí n kó dání lọ tí mo fi máa lè sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí mi ò ní bú sẹ́kún, tí mi ò sì ní bínú?"

Àbúrò mi, ọ̀gá ẹ kọ́ ló ni owó yẹn o, ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ kọ́ńpìnnì tí mo ti jókòó sídìí àpíréésà wọn, mánéjà kan ò lè dá fi ₦100,000 kún owó oṣù ẹnikẹ́ni. Ó máa gbé orúkọ ẹ lọ bá ọ̀gá àgbà àti olórí akáǹtì ni, nínú ìpàdé tí ìwọ ò ní sí níbẹ̀, wọ́n á sì bi í pé "kí ló dé tó fi jẹ́ òun?", ìdáhùn tó bá wà lẹ́nu ẹ̀ lọ́jọ́ náà ló máa pinnu ohun tó o máa gbà. Tó bá ní "ọmọ yẹn ń gbìyànjú gan-an", wọ́n á kọjá sí orúkọ tó kàn. Torí ẹ̀, gbogbo ohun tó o bá kó jọ, ìwé ojú kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ já sí, ìwé tí ọ̀gá ẹ lè gbé lọ síbẹ̀ kó sì kà á bó ṣe wà. Lọ́dún tó kọjá, rẹ́ǹtì lo fún un gbé. Bí àánú ẹ tiẹ̀ ṣe é, ibo ló fẹ́ ti sọ ìyẹn?

Àti pé Dìsẹ́ńbà tó o ń wí yẹn ti pẹ́ jù láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀. Kọ́ńpìnnì tó bá ń parí ọdún ẹ̀ ní 31 Dìsẹ́ńbà, láàárín Ọkitóbà sí Nófẹ́ńbà ni àwọn olórí ẹ̀ka sábà máa ń kọ iye tí wọ́n fẹ́ ná lórí òṣìṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, nígbà tẹ́ ẹ bá fi máa jókòó fún àpíréésà, wọ́n ti pín owó náà tán, ohun tó kù ni kí wọ́n máa kọ máàkì. Rọra bi ẹnì kan ní akáǹtì pé ìgbà wo ni bọ́jẹ́ẹ̀tì àwọn ẹ̀ka máa ń wọlé, kó o jẹ́ kí ìwé ẹ wà lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbà yẹn. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, Dìsẹ́ńbà á kàn jẹ́ ibi tẹ́ ẹ ti máa parí ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀, ìwọ náà ò sì ní wọlé bí ẹni tó fẹ́ jù bọ́ǹbù. Apá kan ìbẹ̀rù tó ń mú ẹ lọ́dún tó kọjá, ibẹ̀ ló ti wá: o mọ̀ pé ọ̀gá ẹ ò retí ọ̀rọ̀ náà.

Kí ni wá máa wà nínú ìwé náà? Wá lẹ́tà tí wọ́n fi gbà ẹ́ síṣẹ́ àti fọ́ọ̀mù àpíréésà tọdún tó kọjá. Ẹ̀rí tí kò bá fara kan ohun tó wà nínú méjèèjì yìí, ariwo lásán ni lójú wọn. Tí fọ́ọ̀mù bá sọ pé táágẹ̀ẹ̀tì ẹ ni kí gbèsè tó ti kọjá ọjọ́ 60 dín kù, a jẹ́ pé ibẹ̀ lo ti máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kì í ṣe bó o ṣe ṣètò ayẹyẹ ìparí ọdún (mo ti rí ẹni tó fi ìyẹn ṣe nọ́ḿbà kìn-ín-ní, ọ̀gá kàn ń rẹ́rìn-ín ni).

Orí ire tó o ní ni pé iṣẹ́ ẹ ní nọ́ḿbà nínú. Ẹni tó ń tọ gbèsè lẹ́yìn ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú ọ́fíìsì ò ní, ìyẹn éèjìn, rípọ́ọ̀tù tó ń pín gbèsè sí ti ọjọ́ 30, 60, 90 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yọ ti 31 Dìsẹ́ńbà tọdún tó kọjá jáde, yọ ti 30 Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún yìí. Má mú àárín oṣù fún ọ̀kan kó o wá mú ìparí oṣù fún ìkejì, torí àwọn sùpámákẹ́ẹ̀tì máa ń sanwó nígbà tó wù wọ́n nínú oṣù, éèjìn ọjọ́ 14 àti ti ọjọ́ 30 ò lè bára dọ́gba láé, ẹni tó bá mọ akáǹtì á rí i lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó máa ń tan àwọn èèyàn rèé. Wọ́n á wo àpapọ̀ gbèsè nìkan. Àmọ́ tí kọ́ńpìnnì bá ta ọjà púpọ̀ sí i, gbèsè náà lè pọ̀ sí i bó o tiẹ̀ ń ṣe dáadáa, tí ọjà bá sì dúró, gbèsè á dín kù láìjẹ́ pé o ṣe nǹkan kan. Nítorí náà iye ọjọ́ tí owó fi ń pẹ́ níta ni kó o fi sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: gbèsè tó wà nílẹ̀, pín in sí iye ọjà àwìn tẹ́ ẹ tà láàárín oṣù mẹ́ta tó ṣáájú, kó o wá sọ ọ́ di ìlọ́po iye ọjọ́ tó wà nínú oṣù mẹ́ta náà. Jẹ́ ká fi nọ́ḿbà àfiṣàpẹẹrẹ ṣe é, ìwọ lọ fi tìẹ rọ́pò ẹ̀. Ká ní lópin ọdún tó kọjá, gbèsè jẹ́ ₦124 mílíọ̀nù, ọjà àwìn oṣù mẹ́ta tó parí ọdún náà jẹ́ ₦180 mílíọ̀nù, ọjọ́ 92. Ìyẹn fún wa ní ọjọ́ 63. Lópin Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún yìí, gbèsè ₦98 mílíọ̀nù, ọjà àwìn ₦210 mílíọ̀nù, ọjọ́ 92 náà ni, ó máa jẹ́ ọjọ́ 43. Ọjọ́ 20 ló fi yá sí i, ọjà sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ o.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á dúró síbí, wọ́n á kọ "mo dín ọjọ́ gbèsè kù pẹ̀lú 20", wọ́n á fà á nílà. Olórí akáǹtì á lóye ẹ̀, àmọ́ ọ̀gá àgbà á bi pé ìyẹn jẹ́ èló. Tìrẹ, sọ ọ́ di owó. ₦210 mílíọ̀nù nínú ọjọ́ 92 jẹ́ nǹkan bíi ₦2.28 mílíọ̀nù lójoojúmọ́, ọjọ́ 20 ẹ̀ á jẹ́ bíi ₦45 mílíọ̀nù tí ì bá ṣì wà lọ́wọ́ àwọn kọ́sítọ́mà, tó jẹ́ pé inú àpò kọ́ńpìnnì ló wà báyìí.

Má tíì máa jó o, torí ibí gan-an ni ẹjọ́ ti máa ń bàjẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Ṣé ìwọ nìkan lo gba ₦45 mílíọ̀nù yẹn? Ẹni tó jókòó ní òdìkejì tábìlì á bi ẹ́, tó bá sì bi ẹ́ nígbà tó ò tíì bi ara ẹ, ojú á tì ẹ́, ibẹ̀ ni ohùn á ti máa gbọ̀n. Torí náà ìwọ fúnra ẹ ni kó o kọ́kọ́ gé e. Ká ní sùpámákẹ́ẹ̀tì ńlá kan wà tó jẹ́ pé ọ̀gá àgbà fúnra wọn ló wakọ̀ lọ bá ẹni tó ni ín kí wọ́n tó san ₦15 mílíọ̀nù gbèsè àtijọ́, yọ ọ́ kúrò pátápátá, ó ku ₦30 mílíọ̀nù. Àwọn ọmọ tó ń ta ọjà náà gbìyànjú, àwọn kan nínú wọn bá ẹ pe kọ́sítọ́mà lórí fóònù, fi ìdajì fún wọn kúkú, ó ku ₦15 mílíọ̀nù. Iye tó kù yìí, kò sẹ́ni tó máa lè bá ẹ jiyàn lórí ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi wúlò ju ₦45 mílíọ̀nù lọ.

Wá lọ bi akáǹtì pé èló ni bánkì ń gbà lórí ọ́fàdíráàfù yín. Ó ṣe pàtàkì, torí èlé owó bánkì ní Nàìjíríà kì í ṣe kékeré rárá. Láti Nófẹ́ńbà 2024 títí di Sẹ̀tẹ́ńbà 2025, èlé ìpìlẹ̀ tí Báńkì Àpapọ̀ fi lélẹ̀ nìkan wà ní pásẹ́ǹtì 27.5, àwọn bánkì sì máa ń fi tiwọn lé e ni kó tó dé ọ̀dọ̀ kọ́ńpìnnì. Ká fi 30 ṣe é. ₦15 mílíọ̀nù tí kọ́ńpìnnì ò ní láti yá mọ́, ní pásẹ́ǹtì 30, ₦4.5 mílíọ̀nù lọ́dún ni. Tó bá wá jẹ́ pé ₦100,000 lóṣù lo fẹ́ béèrè, ìyẹn ₦1.2 mílíọ̀nù lọ́dún, fi pẹ́ńṣàn tí kọ́ńpìnnì gbọ́dọ̀ san lé e, pásẹ́ǹtì 10 lábẹ́ òfin pẹ́ńṣàn 2014, gbogbo ẹ̀ ò ju ₦1.32 mílíọ̀nù lọ. Níbi tọ́rọ̀ dé yìí, ọ̀gá ẹ ti ní ohun tó lè sọ níwájú àwọn tó ń pín owó: "ohun tó ń béèrè ò tó ìdá mẹ́ta èlé tó jẹ́ ká má san lọ́dún, a sì ti gé ohun tí kì í ṣe tiẹ̀ kúrò." Tí kọ́ńpìnnì yín ò bá yáwó ní bánkì rárá, má lo ẹ̀rí èlé, sọ ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe dípò ẹ̀, bóyá ọjà tí wọ́n rà kó tó wọ́n sí i, àbí owó aṣọ́bodè tí wọ́n san lásìkò.

Ṣùgbọ́n nọ́ḿbà nìkan ò tó, torí nọ́ḿbà lè sún fúnra ẹ̀. O gbọ́dọ̀ lè fọwọ́ kan ohun kan tó o ṣe tó jẹ́ kó sún. Mi ò mọ tìẹ, àmọ́ mo mọ irú iṣẹ́ yẹn: ọ̀pọ̀ gbèsè tó bá ti ju ọjọ́ 60 lọ ní sùpámákẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe pé wọn ò lówó, ìwé ni kò pé. Dírẹ́bà gbé ọjà dé, ẹni tó wà ní sítọ́ọ̀ gbà á, kò lu sítáǹpù sí ìwé ìfijíṣẹ́, akáǹtì tiwọn ní "a ò rí ẹ̀rí pé ọjà wọlé", ínfọ́ọ̀sì yín á dùbúlẹ̀ síbẹ̀ títí. Àbí kí iye tó wà nínú ínfọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí iye tó wà nínú ìwé tí wọ́n fi pàṣẹ ọjà, nítorí owó ọjà ti gòkè láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá jẹ́ pé ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé ìfijíṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn dírẹ́bà ní gbogbo Fúráídè, tó o ń dá àwọn tí kò ní sítáǹpù padà lọ́jọ́ Mọ́ńdè kó tó di pé kọ́sítọ́mà gbàgbé, kọ ọ́ síbẹ̀, kọ oṣù tó o bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kó o sì fi éèjìn oṣù tó ṣáájú àti oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e gbè é lẹ́yìn. Tí ọjọ́ gbèsè bá ti ń já bọ́ kó tó di oṣù tó o bẹ̀rẹ̀, jẹ́wọ́ ẹ̀ fún ara ẹ pé kì í ṣe ohun tó o ṣe yẹn ló fà á, wá òmíràn. Ọ̀kan ti tó, tó bá lágbára. Mẹ́wàá tí wọn ò lágbára, ọ̀gá ẹ á kàn mú èyí tó rọ jù nínú ẹ̀, òun ló sì máa fi dá ẹ lóhùn.

Ti ẹni tó jápa wá ńkọ́. Má kọ "iṣẹ́ ẹni méjì ni mò ń ṣe", gbogbo èèyàn ní Èkó ló ń sọ ọ́, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ mọ́. Wá ímeèlì tí wọ́n fi gbé àwọn kọ́sítọ́mà ẹ̀ fún ẹ ní Máàṣì, kọ ọjọ́ tó wà lórí ẹ̀, kọ iye kọ́sítọ́mà tó o ní tẹ́lẹ̀ àti iye tó o ní báyìí, bíi "80 tẹ́lẹ̀, 144 láti 3 Máàṣì". Wá gbé ọjọ́ gbèsè àwọn 64 tó o gbà yẹn síbẹ̀ lọ́tọ̀, nígbà tó o gbà wọ́n àti báyìí. Tí ti àwọn yẹn bá dára sí i tí ti àtijọ́ ò sì bàjẹ́, ohun tó ò sọ lẹ́nu ti sọ ara ẹ̀. Èló ni wọ́n ń san fún ẹni náà? Kódà tó bá ti sọ fún ẹ rí, má kọ ọ́ síbẹ̀. Ọ̀gá ẹ mọ̀ ọ́n, olórí akáǹtì mọ̀ ọ́n, wọ́n á ṣírò ẹ̀ fúnra wọn, ohun tí wọ́n bá sì ṣírò fúnra wọn ni wọ́n máa ń gbà gbọ́. Tó bá ti ẹnu ẹ jáde, ọ̀rọ̀ á yí padà sí "ta ló ń sọ owó oṣù èèyàn fún èèyàn nílé iṣẹ́ yìí?"

Fi ohun tí kò lọ dáadáa síbẹ̀ náà. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn èèyàn láti ṣe èyí, àmọ́ ọ̀gá ẹ ò gbàgbé ẹ̀, ó kàn ń dúró dè ẹ́ ni. Ká ní ṣọ́ọ̀bù kan tì pa lójijì tó gbé ₦6 mílíọ̀nù yín sá lọ, kọ ọ́ ní ìlà méjì: iye ẹ̀, ohun tó o yí padà lẹ́yìn ẹ̀ (bóyá o kì í jẹ́ kí wọ́n kó ọjà tuntun fún ẹni tí ínfọ́ọ̀sì ẹ̀ bá ti kọjá ọjọ́ 45 mọ́), kó o gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ èyí tí kò dára, wọ́n máa ń gba àwọn nọ́ḿbà ẹ̀ yòókù gbọ́, àti pé ìbéèrè tó lè mú ẹ bínú jù lọ́jọ́ náà, ìwọ lo ti kọ́kọ́ bi í yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan rèé o, jọ̀ọ́, fetí sí i dáadáa. Má fi éèjìn tàbí orúkọ àwọn kọ́sítọ́mà ránṣẹ́ sí ímeèlì tìẹ nílé, má ya fọ́tò sikirínì sórí Wọ́sáàpù. Ìwé kọ́ńpìnnì ni, òfin ààbò dátà 2023 sì wà, bí wọ́n bá fẹ́ lé ẹ, ìyẹn gan-an ni wọ́n máa fi lé ẹ, kò ní jẹ́ ọ̀rọ̀ àfikún mọ́. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ tìẹ, kọ nọ́ḿbà àpapọ̀, ọjọ́, àti ibi tí ìwé náà wà nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, kó o lè ṣí i tí wọ́n bá ní kó o fihàn. Bákan náà, má fi fóònù gba ohùn ọ̀gá ẹ sílẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́ nínú ìpàdé. Àǹfààní wo lo fẹ́ rí nínú ẹ̀?

Iye tó o máa béèrè náà, ẹ̀rí ló máa gbé e dúró. Wá ibi mẹ́ta ó kéré tán: ìkéde iṣẹ́ tó kọ owó síbẹ̀ (wọn ò pọ̀, àmọ́ wọ́n wà), ẹnì kan tó ń bá àwọn kọ́ńpìnnì wá òṣìṣẹ́, àti ẹnì kan tẹ́ ẹ jọ lọ sílé ìwé tó wà ní kọ́ńpìnnì tó bá tiyín dọ́gba. Má bi ẹnikẹ́ni pé "èló lò ń gbà?", bi í pé "èló ni wọ́n ń san fún ẹni tó ń bójú tó àwìn ní irú ilé iṣẹ́ báyìí?", wọ́n á dá ẹ lóhùn láìbẹ̀rù. Èyí tó wá láti bánkì tàbí ilé iṣẹ́ epo, dà á nù, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ yín, olórí akáǹtì yín á sì sọ bẹ́ẹ̀. Kó o sì dájú pé owó tí wọn ò tíì yọ nǹkan kan nínú ẹ̀ ni gbogbo yín ń sọ, torí ẹnì kan lè máa sọ ohun tó wọ àkáǹtì ẹ̀ nígbà tí ẹlòmíì ń sọ ohun tó wà nínú lẹ́tà. Ká ní o rí ₦420,000 sí ₦500,000, ₦450,000 ò ní dún bí ìwọra létí ẹnikẹ́ni.

Ìwọ náà ṣírò ohun tó máa dé ọwọ́ ẹ kó má bàa yà ẹ́ lẹ́nu. Nínú ₦100,000 tí wọ́n bá fi kún un, pẹ́ńṣàn tìẹ jẹ́ pásẹ́ǹtì 8, ₦8,000 nìyẹn tí wọ́n bá ṣírò ẹ̀ lórí gbogbo ẹ̀. Lábẹ́ òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní Jánúárì 2026, ẹni tí owó tí wọ́n ń gba owó orí lé lórí bá ti ju ₦3 mílíọ̀nù lọ lọ́dún, pásẹ́ǹtì 18 ni wọ́n ń gbà lórí èyí tó bá fi lé e títí dé ₦12 mílíọ̀nù. Ibẹ̀ lo máa bọ́ sí. Torí náà bíi ₦75,000 ló máa dé bánkì ẹ lóṣù. Tó bá jẹ́ ₦100,000 lo nílò lọ́wọ́, o mọ̀ pé bíi ₦133,000 ló yẹ kó o máa sọ̀rọ̀ ẹ̀, o sì máa wò ó bóyá ẹ̀rí ẹ gbé e.

Ọ̀wọ́n gógó ńkọ́? Òótọ́ ni pé látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí Méè 2023, tí náírà sì já bọ́ ní Júùnù, owó ò rà nǹkan mọ́. Àmọ́ ó kan ọ̀gá ẹ náà, ó kan dírẹ́bà, ó kan ọ̀gá àgbà tó ń ra dísù. Ẹ̀rí tó bá jẹ́ ti gbogbo èèyàn, àfikún gbogbo èèyàn ló máa mú wá, pásẹ́ǹtì 5 àbí 10 fún gbogbo ilé. Fi ìlà kan ṣoṣo sí ìsàlẹ̀ ìwé náà: "owó oṣù yìí ò tíì yí padà láti ọdún tí mo wọlé." Rẹ́ǹtì, owó ilé ìwé ọmọ, màmá tí ara wọn ò yá, fi gbogbo ẹ̀ sílé. Àwọn ni wọ́n ń fa ẹkún, wọn ò sì sí lára ohun tí ọ̀gá ẹ lè gbé lọ.

Lọ́jọ́ náà, tẹ ìwé náà ní méjì, fi ọ̀kan síwájú wọn, fi ọ̀kan síwájú ẹ. O ò ní láti rántí nǹkan kan. Ẹkún sábà máa ń bọ̀ nígbà téèyàn bá ń wá ọ̀rọ̀ tí kò rí i, tí ìlà tó kàn bá ti wà níwájú ẹ, wàá kàn kà á ni. Bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ẹ ṣeun sà. Mo fẹ́ ká wo ohun mẹ́ta: gbèsè, àwọn kọ́sítọ́mà tí mo gbà ní Máàṣì, àti ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù yẹn gbé owó wa lọ. Lẹ́yìn ẹ̀ mo ní ohun kan tí mo fẹ́ béèrè." Tó o bá ti béèrè, "mo ń béèrè kí owó oṣù mi di ₦450,000 láti Jánúárì", pa ẹnu ẹ dé. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn á gùn, á dà bíi pé kó o fi "àmọ́ tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ má bínú" dí i. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Mu omi.

Ohun tí wọ́n máa sọ ò pọ̀. Tí wọ́n bá ní "kọ́ńpìnnì ò lówó", má jiyàn, sọ pé, "Ó yé mi sà. Nínú ₦4.5 mílíọ̀nù yìí, ṣé ìṣirò náà ló ní wàhálà àbí àsìkò?" Ìbéèrè yìí á jẹ́ kó o mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dì sí. Tó bá jẹ́ ìṣirò, ẹ jọ tún un ṣe níbẹ̀, tí wọ́n bá rí àṣìṣe, kọ ọ́ sílẹ̀, dúpẹ́. Tó bá jẹ́ àsìkò, béèrè oṣù. Tí wọ́n bá ní "gbogbo èèyàn ń ṣiṣẹ́", dáhùn pé òótọ́ ni, ìwọ kàn ń sọ èyí tó wà lórí ìwé yìí ni, má dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ọ́fíìsì, kódà tó o bá mọ ẹni tó ń gbà jù ẹ́ lọ tí kò ṣe tó ẹ. Tí wọ́n bá wá gbóhùn sókè, tí o rí i pé omi ti ń kóra jọ sí ẹ lójú, o lè sọ pé "ẹ jẹ́ kí n kọ ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn sílẹ̀ sà" kó o sì kọ ọ́ lóòótọ́. Ọwọ́ tó ń kọ̀wé máa ń fún èèyàn ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti mí, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló sì máa ń rọ ohùn ẹ̀ sílẹ̀ tó bá rí i pé wọ́n ń kọ ohun tóun ń sọ. Dá a wò lẹ́ẹ̀mejì nílé pẹ̀lú ẹni tí kò ní ṣàánú ẹ, ẹni tó máa já lu ọ̀rọ̀ ẹ. Ọ̀rẹ́ tó máa ń sọ pé "o máa ṣe é, Ọlọ́run wà" ò wúlò fún èyí.

Ibi kan wà tí gbogbo ẹ̀rí yìí ò lè dé. Àwọn kọ́ńpìnnì kan ní ipele owó, tó o bá ti dé òpin ipele ẹ, mánéjà ò lè fi kọ́bọ̀ kún un àyàfi kí wọ́n gbé ẹ ga sípò mìíràn. Wò ó nínú ìwé àlàyé òṣìṣẹ́ yín kó o tó wọlé, tó bá rí bẹ́ẹ̀, ipò ni kó o béèrè, ẹ̀rí kan náà ló máa gbé e. Àwọn mìíràn kì í fi kún un fún ẹnikẹ́ni rárá, àfi ẹni tó bá gbé lẹ́tà iṣẹ́ tuntun wá. Wàá dá wọn mọ̀ nígbà tí wọ́n bá gbà pé gbogbo nọ́ḿbà ẹ tọ̀nà, tí wọn ò sì lè dá oṣù kankan fún ẹ. Má fi iṣẹ́ tó ò ní halẹ̀ mọ́ wọn o. Ìwé ojú kan yìí kan náà lo máa sọ di sífí, wàá yọ orúkọ kọ́ńpìnnì àti owó náírà kúrò, wàá fi ọjọ́ 63 sí 43 sílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti parí, kó tó di pé o kúrò ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà, fi ímeèlì ránṣẹ́ sí wọn. Òyìnbó lo máa fi kọ ọ́, àmọ́ bó ṣe máa rí nìyí: "Ẹ ṣeun fún àkókò yín lónìí sà. Bó ṣe yé mi, ẹ gbà pé ọjọ́ gbèsè ti kúrò ní 63 di 43, ẹ máa gbé ọ̀rọ̀ ₦450,000 lọ bá ọ̀gá àgbà, ẹ ó sì fún mi lésì kó tó di 20 Jánúárì. Tí mo bá gbọ́ ọ̀kan nínú ẹ̀ lódì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un ṣe fún mi." Tí ọjọ́ náà bá pé tí wọn ò sọ nǹkan kan, dá ímeèlì yẹn kan náà padà sí wọn ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, fi éèjìn Dìsẹ́ńbà tuntun kún un.